Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí iye bíríkì ògiri, láti Kétu

Ìbéèrè mi: «Ògiri mi gùn ní mítà 12, ó ga ní mítà 3. Tí mo bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, bíríkì mélòó ni kí n rà?»

Ẹ ṣé o, a ti ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú bàbá bíríkìlà wa. Gbogbo ògiri jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 36. Ilẹ̀kùn kan, 0.9 sí 2.1, àti fèrèsé méjì, 1.2 sí 1.2, kó 4.77 lọ. Nínú ẹ̀yin tó dá mi lóhùn, ẹni tó ní kí n yọ ìyẹn nìkan, kí n dúró síbẹ̀, ti sún mọ́ ọn, àmọ́ bàbá nawọ́ sókè fèrèsé: kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ntímítà 20 máa gba ibẹ̀ kọjá láti igun dé igun. Ìyẹn tún yọ 2.4, ó ku 28.83. Bíríkì 40 sí 20 jẹ́ 12.5 nínú mítà onígun mẹ́rin kan, ó di 361.

Iye yẹn kò yọ àyè símẹ́ńtì àárín bíríkì. Bí àyè náà bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 2, nǹkan bí 312 ló máa wọlé, ìyókù ni ti èyí tó bá fọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jẹ bíríkì jù: 90 kò ṣe é pín sí 40, a ní láti gé e. Bàbá gé ọ̀kan lójú mi, ó là gba ojú ihò.

Ìyá tó béèrè ohun tí ẹ máa yọ nínú ògiri ọgbà yín, ojú géètì nìkan ni kí ẹ yọ.

Bóyá a lè fi àwọn àjákù to igun, èmi àti bàbá ò tíì fẹnu kò.