Kúlà ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará, okùn o. Kábà ni mo ti ń ta ìndómì, ṣúgà àti mílíìkì, pẹ̀lú kúlà àti àwo. Ọjà ń lọ, ṣùgbọ́n owó kì í dúró lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí ọjà mi ń yí, ìyẹn iye ìgbà tí mo ń tà á tán tí mo sì ń kó òmíràn. Owó tí mo tà ni mo kọ́kọ́ fi ṣírò, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní èrè ti wà nínú ìyẹn, pé iye tí mo ra ọjà ni kí n lò. Láàárín oṣù 6, ọjà tí mo tà jẹ́ ₦2,400,000 ní iye tí mo rà á. Èyí tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tó wà nílẹ̀ ní ìparí, tí a bá rò wọ́n pọ̀ tí a sì dá a sí méjì, jẹ́ ₦800,000. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú mi dùn.

Ìgbà tí mo wá yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ojú mi là. Nǹkan jíjẹ: mo ta ₦2,160,000, ₦240,000 ló ń wà nílẹ̀. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, bí ogún ọjọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kúlà àti àwo: mo ta ₦240,000, ₦560,000 ló jókòó. Kò yí dé ìdajì! Eruku orí kúlà kan pọ̀ débi pé mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sí i.

Mo ti kó wọn síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ti yọ ₦500 kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pàbó.

Ṣé kí n tà wọ́n ní iye tí mo rà wọ́n báyìí, kí n fi owó náà kó ìndómì, àbí kí n dúró de ìgbéyàwó Dìsẹ́ńbà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.