"Embarazada": ọ̀rẹ́ èké ni àbí ìyekan tó yapa?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sípáníìṣì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kí la lè máa pe àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì tó jọra lójú àmọ́ tí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀ pátápátá, irú "embarrassed" àti "embarazada"? Báwo lèèyàn sì ṣe ń mọ̀ pé òun ti ṣi ọ̀kan sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́?

Akọ́mọlédè:
Èyí ò le rárá. "Ọ̀rẹ́ èké" ni. Faransé ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn: Koessler àti Derocquigny ló fi ṣe àkọlé ìwé ní 1928, àwọn Sípáníìṣì náà sì ń pè é ní "falsos amigos". Yorùbá mọ ọ̀rẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín síni lójú tó ń gbẹ́ kòtò síni lẹ́yìn, kò sídìí tá a fi máa wá orúkọ mìíràn. "Embarazada" túmọ̀ sí aboyún. Kò bá "embarrassed" tan, kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ìrísí lásán ló pa wọ́n pọ̀.

Ògbufọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, aboyún ni lóòótọ́. Ibi tẹ́ ẹ ti ní wọn ò bára tan ni mi ò ti bá yín lọ. Ìyekan ni wọ́n. Ọwọ́ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba "embarrass", Faransé sì gbà á lọ́wọ́ Sípáníìṣì. Ẹrù tí ọ̀rọ̀ náà gbé rìn lójú ọ̀nà ni kéèyàn dí ẹlòmíì lọ́wọ́, kó kó ìdíwọ́ sí i lẹ́sẹ̀ tí kò fi ní lè rìn fàlàlà. Gẹ̀ẹ́sì gbé ìdíwọ́ yẹn sínú ọkàn: ọkàn tó há, ẹnu tó wúwo, ojú tó ń tini. Sípáníìṣì gbé e lé ara, ìyẹn ara tó ru ẹrù, ló bá di oyún.

Kò sì tíì fi ìtumọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ tán. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè ti Real Academia Española, "embarazo" ṣì ń jẹ́ ìdíwọ́, ó ṣì túmọ̀ sí kí ara èèyàn má balẹ̀ láwùjọ. Tẹ́ ẹ bá ní "una situación embarazosa", ọ̀rọ̀ tó dáa ni, ọ̀ràn tó ń tini lójú lẹ ń sọ, kò sí aboyún níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìtìjú wà nínú ilé yẹn, inú yàrá tí ẹ wọ̀ ni kò sí.

Ìbéèrè kejì ló wù mí jù. Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi àpèjẹ lálẹ́ àná, ó wá fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onílé. Ó ní: "Estoy muy embarazada por lo que pasó anoche." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ojú ń ti òun gan-an nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná. Ohun tí onílé gbọ́ ni pé ó ti lóyún, oyún náà ti tó oyún, ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná ló sì fà á.

Ibi méjì ni onílé ti lè fura. Èkíní ni "muy". Oyún kì í ṣe ohun tí wọ́n sábà ń sọ pé ó pọ̀ tàbí ó kéré, oṣù ni wọ́n ń kà á, "embarazada de tres meses". Èkejì ni "anoche": oyún àná kì í yọ lónìí. Tẹ́ ẹ bá wá gé méjèèjì kúrò, "Estoy embarazada" péré ló kù. Gbólóhùn tó gún régé ni. Kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe fún un, wọ́n á kí i kú oríire ni, wọ́n á bi í pé oṣù mélòó ni. Tó bá sì wá tijú sí i tó ń juwọ́ lóókan àyà, wọ́n á rò pé kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta ni.

Ọkùnrin ò ní wàhálà yẹn. Tó bá ní "Estoy embarazado", gbogbo ilé á fẹ̀rín sí i, ẹnì kan á sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín kì í pẹ́ kó tó lójútùú. Èyí tó bọ́gbọ́n mu tán lójú olùgbọ́ ló ń bá èèyàn délé.

Oníṣòwò ọkọ̀:
Ọ̀rọ̀ yìí jọ ti ọkọ̀ Chevrolet Nova tí wọ́n kó lọ sílẹ̀ àwọn Sípáníìṣì. "No va" túmọ̀ sí pé kò rìn. Ta ló máa ra ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kò-rìn? Ìdí nìyẹn tí ọjà náà fi kú. Ó yẹ kí ẹ fi í sínú àpẹẹrẹ yín.

Ògbufọ̀:
Ìtàn yẹn gbajúmọ̀ o, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà tà dáadáa ní Mẹ́síkò àti Fẹnẹsúẹ́là. Orí ìró àkọ́kọ́ ni agbára ohùn wà nínú "nova", ó sì wà lórí "va" nínú "no va", etí Sípáníìṣì kì í pa wọ́n pọ̀. Pemex, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Mẹ́síkò fúnra rẹ̀, ta epo bẹntiróòlù tó ń jẹ́ Nova, àwọn èèyàn sì rà á. Yàtọ̀ síyẹn, orúkọ ọjà nìyẹn. Ohun tá à ń sọ ni kí èèyàn gbé ọ̀rọ̀ èdè tirẹ̀ wọ aṣọ èdè ẹlòmíì kó sì rò pé òun ti sọ òótọ́ ọkàn òun.

Nọ́ọ̀sì:
Èmi rí ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, òdìkejì tiyín ló sì wá. Aláìsàn kan tó wá láti Sípéènì sọ fún wa lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun "constipated". A kọ oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ sílẹ̀. Ó ń fun imú ní gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó so ó pọ̀ mọ́ ohun tó sọ. Ìgbà tí mo bi í pé ìgbà wo ló yàgbẹ́ kẹ́yìn, tó wò mí bí ẹni pé mo ti bú u, ni ọ̀rọ̀ wá yé wa. Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é.

Ohun tí ò yé mi ni pé aláìsàn mìíràn tóun náà ń sọ Sípáníìṣì, àmọ́ tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, lo ọ̀rọ̀ kan náà, ti ìgbẹ́ ló sì ń sọ ní tiẹ̀. Ta ló ṣì í sọ nínú àwọn méjèèjì?

Ògbufọ̀:
Kò sẹ́ni tó ṣì í sọ nínú Sípáníìṣì tiwọn. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kí nǹkan há pinpin ló bí "constipado". Ní Sípéènì, imú ló há, ọ̀fìnkìn ni, ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà ni wọ́n ń pè ní "estreñido". Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Látìn Amẹ́ríkà, ìfun ni "constipado" lè máa sọ, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn náà ni ojútùú: ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ bèèrè ibi tó ń dùn ún.

Akọ́mọlédè:
Mo gba ti ìyekan. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ ṣe sí "once" tó jẹ́ mọ́kànlá ní Sípáníìṣì? Kí lẹ fẹ́ ṣe sí "ropa" tó jẹ́ aṣọ, tí kò bá okùn Gẹ̀ẹ́sì tan níbì kankan? Àwọn yẹn náà ń tanni. Orúkọ kan ló gbọ́dọ̀ kó gbogbo wọn, "ọ̀rẹ́ èké" sì lè kó wọn.

Ògbufọ̀:
Ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Èké mọ̀ pé òun ń pa irọ́, ó ní ẹni tó fẹ́ dà. "Embarazada" ò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni, ilé rẹ̀ ló jókòó sí, àlejò ló ṣi ilẹ̀kùn. Bí mo bá máa pè é, màá ní "afarajọ" fún gbogbo wọn. Tí mo bá fẹ́ ya ti ẹbí sọ́tọ̀, "ìyekan tó yapa" ni màá lò. "Ropa" ò sí lára ti ẹbí, "carpeta" wà lára rẹ̀: ó ń jẹ́ fáìlì tí wọ́n ń kó ìwé sí, bẹ́ẹ̀ ara "carpet" Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ Faransé kọjá.

Akọ́mọlédè:
"Afarajọ" ń dún létí mi bí ẹni tó ń díbọ́n. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe èké? Mi ò tíì gbà.

Nọ́ọ̀sì:
Èmi á máa lo "afarajọ" ní tèmi. Mi ò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn kí n máa pe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní èké.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sípáníìṣì:
Ẹ ṣé o. Tí ojú bá wá ń tì mí lóòótọ́, kí ni kí n sọ?

Ògbufọ̀:
Má gba ojú ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gba ti Yorùbá. A kì í sọ pé "mo jẹ́" nǹkan kan, a máa ń ní "ojú ń tì mí": ohun kan ló ń ṣe mí, èmi ni wọ́n ń ṣe é sí. Sípáníìṣì náà ń tò ó bẹ́ẹ̀: "Me da vergüenza." Nǹkan kan ló ń fún mi ní ìtìjú. Arábìnrin àpèjẹ yẹn ì bá ti sọ pé "Me da mucha vergüenza lo que pasó anoche", ọ̀rọ̀ á sì parí. "Estoy avergonzada" wà, àmọ́ ó wúwo ju ìyẹn lọ, ó fi ẹ̀bi sí i. Tún ṣọ́ "me da pena": ní Mẹ́síkò àti Kòlóńbíà, ojú ń tì mí ni, ní Sípéènì, àánú ń ṣe mí ni, tàbí ó dùn mí. Ẹ rí i pé Sípáníìṣì pẹ̀lú Sípáníìṣì náà ní afarajọ tiwọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sípáníìṣì:
Ó yé mi. Ọ̀kan ló kù: ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ lọ́la, ara mi ti wà lọ́nà. Ṣé mo lè kọ "Estoy excitada" sí i?

Ògbufọ̀:
Rárá o! Ara tó gbóná fún ìbálòpọ̀ ló máa kà sí i. Kọ "Tengo muchas ganas de verte", ibi gbogbo ló ti dáa. Tó bá jẹ́ ará Sípéènì, "Me hace mucha ilusión" tún dùn jù ú lọ. Má sì ronú pé ìtànjẹ ni ìyẹn nítorí pé ó jọ "illusion" o.