Onílé ní ká yọ ògiri lẹ́yìn tá a ti dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, báwo ni mo ṣe máa kọ ìwé owó tó lé?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bọ́ńgálò kan là ń kọ́ ní Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́ níbí. Búlọ́ọ̀kù ti dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, ni àǹtí tó ni ilé bá pè pé ká yọ ògiri àárín páálọ̀ àti ibi ìjẹun, àwọn fẹ́ kó ṣí gbalaja. Ògiri yẹn ló máa gbé òrùlé, torí náà bíìmù gbọ́dọ̀ rọ́pò ẹ̀, ẹnjiníà ti wò ó, mítà mẹ́rin ààbọ̀ ni.

Àǹtí ní ṣebí símẹ́ǹtì bí àpò mẹ́ta péré ni bíìmù máa jẹ. Òótọ́ ni o, àmọ́ símẹ́ǹtì kọ́ lowó wà, irin wà ńbẹ̀, pákó àti owó káfíńtà, iṣẹ́ wíwó ògiri àti kíkó àlàpà dànù, owó ẹnjiníà náà.

Àkókò ló le jù láti ṣàlàyé. Ọjọ́ 21 ni mo fẹ́ fi òpó sílẹ̀ lábẹ́ bíìmù, onípáìpù àti oníná lè máa ṣiṣẹ́ lọ nínú yàrá, àmọ́ káfíńtà òrùlé kò lè gun apá ibẹ̀. Ṣé gbogbo ọjọ́ 21 ni kí n kọ, àbí kìkì ọjọ́ tí òrùlé máa fi dúró? Mo sì rò pé ó yẹ kí n yọ owó rírẹ́ ògiri tá ò kọ́ mọ́ kúrò, kó má dà bíi pé mo ń rẹ́ wọn jẹ.

Ẹni tó bá ti kọ irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́kọ́ fi síbẹ̀? Mi ò ní fọwọ́ kan ògiri yẹn títí àǹtí á fi buwọ́ lu ìwé owó náà.