Fífò méjìlá-méjìlá lórí ìwé ọjà ọrọọrún

Akọ̀wé Ọjà
Ẹ ǹlẹ́ o. Ìwé àpò gàrí ọjà kan létí Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Ìlà 360 ni, ìlà kan fún ọjọ́ kan, kò sí ọjọ́ tó sá nínú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ìdì-ìdì, ọjọ́ 30 péré la sì lè tú kà. Mo pín 360 sí ọ̀nà 30, ó fún mi ní 12. Mo ṣẹ́ gègé láàárín 1 sí 12, ó mú 6, mo wá ń fò 12 lọ: ọjọ́ 6, 18, 30, títí dé 354. Ìpíndọ́gba jẹ́ nǹkan bí àpò 20 lójúmọ́. Àwọn alárù ọjà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irọ́ ni. Ohun tó sì ń rú mi lójú ni pé àwọn ọjọ́ 30 náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu tán, ó dà bíi pé iṣẹ́ náà mọ́. Ṣé kí n kúkú ṣẹ́ gègé fún gbogbo ọjọ́ 30?

Bàbá Oníṣirò
Ṣé ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà náà?

Akọ̀wé Ọjà
Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ àwọn alátẹ díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Bàbá Oníṣirò
Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tí àwa Yorùbá bá ń ka ọrún, a máa ń ka ọjọ́ ọjà òní mọ́ ọn. Lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ 4 ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì, kì í ṣe 5. 12 sì jẹ́ 4 lọ́nà 3. Nítorí náà, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ́kọ́ bọ́ sí nínú ìyípo ọjà náà ni wàá máa bọ́ sí títí tí ìwé á fi parí. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọjà, gbogbo ọjọ́ 30 rẹ ló máa jẹ́ ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọjà.

Jẹ́ ká fi iye sí i. Ká ní àpò 80 ló ń wọlé lọ́jọ́ ọjà, tí àwọn ọjọ́ 3 yòókù ń gba 20, 20, 20. Ìpíndọ́gba tòótọ́ jẹ́ 35. Nínú ibi 12 tí o lè ti bẹ̀rẹ̀, 3 á fún ọ ní 80, 9 á fún ọ ní 20. Kò sí èyí tó lè bí 35. Bó sì ṣe jẹ́ pé irú ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn, ìyàtọ̀ àárín wọn á kéré, o ó wá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àṣìṣe rẹ kò tó nǹkan. Ìyẹn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: sáńpù tó ṣìnà náà ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀.

Tí o bá ṣẹ́ gègé fún ọjọ́ 30 láìfò, nǹkan bí ìgbà 95 nínú 100 ni ìdáhùn á bọ́ sáàárín 26 sí 44. Ó fẹ̀ o, àmọ́ òótọ́ ló ń sọ nípa bó ṣe fẹ̀ tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta
Kò yẹ kó le tó báyìí. Ẹ ṣáà fi nọ́ńbà tí nǹkan kan kì í pín fò, bíi 7, 11 tàbí 13. Wàhálà tán.

Bàbá Oníṣirò
O sún mọ́ ọn, àmọ́ wo 7 náà dáadáa. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì nìkan lo máa rí títí ọdún á fi yí po, o ò sì ní rí bí ọjọ́ Àìkú ṣe ń rí. Kì í ṣe bóyá nǹkan kan ń pín nọ́ńbà náà la ń wò. Ohun tí à ń wò ni pé kí òun àti ìyípo tó wà nínú ìwé má ní olùpín kan náà ju 1 lọ. Níbí, ìyípo 2 ló wà: 4 ti ọjà àti 7 ti ọ̀sẹ̀. 11 bá méjèèjì mu. Á fún ọ ní ọjọ́ 32 tàbí 33, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn á sì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Pẹ̀lú iye tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lókè, ìdáhùn kò ní kúrò láàárín 34 sí 37. Ó dára ju gègé lọ níbẹ̀ yẹn. Kìkì pé o gbọ́dọ̀ mọ ìyípo náà kí o tó lè yan 11.

Ìyá Aláṣọ
Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ọ̀nà ọjà la máa ń dúró sí ní Ọ̀yọ́, a ń bi obìnrin kẹwàá-kẹwàá tó bá wọlé léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé kí n padà sí gègé ni?

Bàbá Oníṣirò
Ìyá wa, gègé kò ṣeé ṣẹ́ lórí àwọn tí kò tíì sí orúkọ wọn nínú ìwé. Ẹ máa fò yín lọ. Tiyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyípo. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kò lè máa ka àwọn tó ń kọjá lọ. Kí ẹnì kan máa kà, kí ẹlòmíì máa bèèrè.

Akọ̀wé Ọjà
Sà, báwo ni mo ṣe máa mọ ìyípo tó fara sin nígbà tí mi ò tíì ka tíkẹ́ẹ̀tì?

Olùṣọ́ Ilé-Ìwé-Ìpamọ́
Má kà á rárá. Mú ìdì ọjọ́ 28 tó tẹ̀ léra, fi rúlà wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, kọ mìlímítà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà 7, kí ọjọ́ 4 wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí o tún un kọ ní ìlà 4, kí ọjọ́ 7 wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. 28 gba ìyípo ọjà 7 àti ọ̀sẹ̀ 4. Bí òpó kan bá nípọn ju àwọn tó kù lọ, o ti rí i. Wákàtí kan kò ní parí lórí rẹ̀.

Akọ̀wé Ọjà
Ẹ ṣé. Ìwé kejì tún wà tí wọn kì í kọ ọjọ́ Àìkú sí. Ṣé 12 ṣì burú níbẹ̀?

Bàbá Oníṣirò
Ó burú lọ́nà mìíràn. Ìlà 12 níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 14 gan-an, ọ̀sẹ̀ 2. Tí o bá yọ 4 kúrò nínú 14 títí, ó ku 2. Nítorí náà, ibi 2 péré nínú ìyípo ọjà ni wàá máa gbà dé, ní pààrọ̀-pààrọ̀. Bóyá ìdajì ọjọ́ rẹ á jẹ́ ọjọ́ ọjà, ìpíndọ́gba á di 50. Bóyá kò ní sí ọjọ́ ọjà kankan, á di 20. Déètì ni kó o máa kà, má ka ìlà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta
Tí a bá wá bẹ̀rẹ̀ níbi 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́, ká fò 36 láti ibi kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 10-10?

Bàbá Oníṣirò
36 náà jẹ́ 4 lọ́nà 9, kò wo àrùn náà. Àmọ́ ó lè tú àṣírí: bí àwọn 3 náà bá jáde sí 20, 20, 80, o ti mọ̀ pé nǹkan ń bẹ. Bí gbogbo wọn bá jáde sí 20, o ò rí nǹkan kan nìyẹn.

Akọ̀wé Ọjà
Mo ti ṣẹ́ gègé báyìí. Mo fi `=RAND()` sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí iye lásán kó má baà máa yí padà, mo tò ó, mo mú 30 àkọ́kọ́. Ọjọ́ ọjà 5 péré ló wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n tún un ṣẹ́?

Bàbá Oníṣirò
Rárá o. Ẹni tó bá ń tún gègé ṣẹ́ títí tó fi wù ú kò ṣẹ́ gègé mọ́. Ìwọ tó ti mọ ọjọ́ ọjà, o lè wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó o bá kà á tán: ìpíndọ́gba ọjọ́ ọjà lọ́nà 1/4, ti ọjọ́ lásán lọ́nà 3/4. Ká ní o ò tíì mú sáńpù ni, ǹ bá ní kí o ya ìwé sí 2, ọjọ́ ọjà 90 àti ọjọ́ lásán 270, kí o mú 8 níbí, kí o mú 22 lọ́hùn-ún.

Olùṣọ́ Ilé-Ìwé-Ìpamọ́
Ìyẹn dára tí ọjà kò bá yẹ̀ rí. Bí wọ́n bá sún un síwájú nítorí ọdún, ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni gbogbo kíkà mẹ́rin-mẹ́rin ti ṣìnà, ìwé kò sì ní sọ fún yín. Fífò 11 pàápàá máa ń rọrùn fún ọwọ́ mi ju kí n máa ṣí ìwé káàkiri lọ, àmọ́ nídìí èyí, gègé ni mo fara mọ́.

Bàbá Oníṣirò
Èmi ò gbà. Rúlà yẹn náà á fi hàn ọ́ bóyá ó ti yẹ̀. Wọn ọjọ́ 28 míì ní ìparí ìwé, kí o fi wé ti ìbẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Ọjà
Mo ti wọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Mìlímítà 9 lọ́jọ́ ọjà, 2 sí 3 lọ́jọ́ lásán. Ọ̀la ni mo máa wọn ti ìparí.