Lẹ́tà sí pírínsípà lórí ẹgbẹ́ géèmù fóònù ọjọ́ Sátidé: ẹ bá mi wò ó

Aṣáájú Ọ̀dọ́, Ìsẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa fẹ́ tọrọ kíláàsì kan lọ́wọ́ pírínsípà ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó wà nítòsí wa, kí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta lè máa wá ta géèmù lórí fóònù lójú àgbà. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ni wọ́n ti ń ta á, èyí ló sì ń dùn wá. Ohun tí mo kọ nìyí:

*"Alàgbà, a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ̀wé sí yín. Géèmù máa ń la ọpọlọ ọmọdé. A fẹ́ kí ẹ yọ̀ǹda kíláàsì kan fún wa ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ yóò mú fóònù wọn wá, aṣáájú ẹgbẹ́ yóò sì máa mójú tó wọn. A ó dúpẹ́ bí ẹ bá gbà fún wa."*

Kí ló kù? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má dá a padà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Wọn yóò dá a padà, ọmọ mi, gbólóhùn kan ló sì máa fà á: "Àwọn ọmọ yóò mú fóònù wọn wá." Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè kò lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú un wọlé ní Sátidé. Tí wọ́n bá ká fóònù mọ́ ọmọ kan lọ́wọ́ ní Mọ́ńdè, á ní ti ẹgbẹ́ géèmù ni. Tí fóònù bá sọnù ńkọ́? Ọ́fíìsì pírínsípà ni òbí máa gbà lọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ ló ni fóònù, pé ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wá, pé ẹ̀yin ni ẹ ó sì máa gbé wọn wá tí ẹ ó sì máa gbé wọn lọ.

Èkejì ni "gbogbo òpin ọ̀sẹ̀". Ohun tí kò lópin, ọ̀gá kì í fọwọ́ sí i. Ẹ tọrọ Sátidé mẹ́rin péré, ẹ dárúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, aago mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ padà wá jíhìn. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ọpọlọ yẹn kúrò. Wọn yóò ní kí ẹ wá fi ẹ̀rí hàn. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tí ẹ sọ fún wa yìí ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ojú wọn náà ló ń ṣe.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà
Fóònù àlòkù mẹ́fà tó fún ọmọ méjìlá, ọmọ méjì sí ọ̀kan. Ẹ ra dátà sórí ọ̀kan, kí ó máa pín in fún àwọn yòókù, kí wọ́n lè bá àwọn ọmọ ìlú mìíràn ta. Ẹ fi Family Link, áàpù tí òbí fi ń ṣọ́ fóònù ọmọ, sí gbogbo rẹ̀, kò séwu mọ́.

Atúnfóònùṣe
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni lórí fóònù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dátà sinmi. Family Link lè dá áàpù dúró, ó sì lè fi ààlà sí àkókò. Kò lè dí ọ̀rọ̀ tí àjèjì ń bá ọmọ sọ nínú géèmù lọ́nà. Ìpolówó tẹ́tẹ́ tó sì ń yọ láàárín géèmù ọ̀fẹ́, dátà ló ń gbé e wá. Ẹ pa dátà, ẹ tan Airplane mode, ẹ yọ síìmù kúrò pátápátá. Bí síìmù bá wà níbẹ̀, àwọn géèmù kan lè ti ara owó ìpè ra nǹkan.

Géèmù tí kò nílò dátà ni kí ẹ yàn. Ludo King gba kí ọmọ méjì sí mẹ́rin máa gbé fóònù kan fún ara wọn. Lichess ní ojú ìwé tí ọmọ méjì ti lè ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù kan, kò sì ní ìpolówó rárá. Ilé ni kí ẹ ti gbà wọ́n sórí fóònù ní Fúráídè, kí ẹ ṣí wọn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dátà, kí ẹ wá pa dátà kí ẹ tún ṣí wọn wò. Géèmù tó bá ní òun fẹ́ dátà nígbà yẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Kí ọmọ má bàa jáde nínú géèmù lọ síbòmíràn: ẹ wá "App pinning" nínú Settings, ẹ tàn án, ẹ sì fi àmì sí "Ask for PIN before unpinning". Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ìkejì yìí. Bí kò bá sí i, ìka ọmọ nìkan ti tó láti tú u. Orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ lára fóònù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ibi ìwákiri inú Settings ló yá jù.

Ọ̀rọ̀ iná: ẹ gba iná sí i kí ó kún ní alẹ́ Fúráídè. Ẹ má so ó mọ́ ṣájà nígbà tí wọ́n bá ń ta. Bátìrì àlòkù máa ń gbóná tí a bá ń lò ó tí a sì ń gba iná sí i, ó sì lè wú. Ẹ gbé fóònù lélẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú: èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti yọ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń yí bírí, ẹ má gbé e dé iwájú ọmọdé.

Màmá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kì í sùn lóru nítorí géèmù. Ṣé kí n fi í sínú irú ẹgbẹ́ yìí, kó lè fi í sílẹ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Ìyá, ọ̀tọ̀ ni tiyín. Wákàtí méjì ọjọ́ Sátidé kò lè ṣe iṣẹ́ òru méje. Ẹ máa gba fóònù náà sí yàrá yín lálẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sórí lẹ́tà.

Akọ̀wé Òbí
Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ àgbà tó máa wà níbẹ̀. "Aṣáájú ẹgbẹ́" kan ṣoṣo kò tó. Ẹ kọ orúkọ àgbà méjì, obìnrin kan, ọkùnrin kan, ìlẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí. Bí ọ̀kan kò bá lè wá, kò sí ìpàdé lọ́jọ́ náà. Ẹ so fọ́ọ̀mù òbí mọ́ lẹ́tà: orúkọ ọmọ, ẹni tó máa wá mú un lọ, nọ́ńbà òbí, ìbuwọ́lù. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ìyọ̀ǹda òbí sí gan-an lórí àlàyé nípa ọmọdé. Kí fọ́tò ojú ọmọ má sì dé orí Wasáàpù.

Lójú tèmi, ẹ gba igba náírà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọyì rẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Mi ò fara mọ́ owó. Tí owó bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, pírínsípà máa jíhìn rẹ̀. Àwọn pírínsípà kan tilẹ̀ máa fẹ́ kí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè mọ̀ sí i kí ẹlòmíràn tó lo kíláàsì. Ẹ bi wọ́n léèrè nínú lẹ́tà náà bóyá ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀.

Akọ̀wé Òbí
Ta ni yóò wá san owó fóònù tó bá bàjẹ́, sà? Mi ò tíì yí ọkàn padà lórí ìyẹn.

Aṣáájú Ọ̀dọ́, Ìsẹ́yìn
Mo dúpẹ́ púpọ̀ o. Ẹ wò ó báyìí:

*"Alàgbà,*
*ÌTỌRỌ KÍLÁÀSÌ KAN FÚN SÁTIDÉ MẸ́RIN*
*Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń ta géèmù fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. A fẹ́ gbà wọ́n kúrò níbẹ̀. A ń tọrọ kíláàsì kan, aago mẹ́wàá sí méjìlá, ní Sátidé mẹ́rin tí ọjọ́ wọn wà nísàlẹ̀, fún ọmọ méjìlá. Fóònù mẹ́fà tí ẹgbẹ́ ní ni wọn yóò lò, láìsí síìmù, láìsí dátà. Ọmọ kankan kò ní mú tirẹ̀ wá. Lúdò àti ṣẹ́ẹ̀sì nìkan ni wọn yóò ta. Àgbà méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ yóò wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kò ní wọlé. A ó gbá kíláàsì kí a tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá yẹ̀, ẹ lè dá a dúró lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ẹ̀dà lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè."*

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Èyí ṣeé gbé lọ. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e dé ọ́fíìsì ní àárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe Mọ́ńdè, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Kí ẹ tó kọ ọjọ́ mẹ́rin náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kan bóyá àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ń lo kíláàsì ní Sátidé.

Atúnfóònùṣe
Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ ìjọ Ádífẹ́ńtíìsì, Sátidé ni ìsìn tiwọn. Ṣé ọ̀sán Sunday kò ní dára jù?

Aṣáájú Ọ̀dọ́, Ìsẹ́yìn
Mi ò rò ó débẹ̀ rárá. Ìdílé méjì wà ní òpópónà wa. Mo ń lọ bá wọn lálẹ́ òní.