Epo pupa lórí bàtà nùbọ́ọ̀kì: kọ́nfláwà ti fa epo, àwọ̀ rẹ̀ ló kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtọ́jú bàtà. Bàtà nùbọ́ọ̀kì aláwọ̀ yanrìn ni epo pupa ta sí níwájú, kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Mo fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ láìnù ún, nítorí nínù máa ń ti epo wọnú awọ. Mo bu ṣíbí kọ́nfláwà gbígbẹ kan lé e, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni mo fi gbọ̀n ọ́n kúrò, sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Irun nùbọ́ọ̀kì kúrú, bí a bá ha á jù, ojú ibẹ̀ á máa dán. Omi kò kàn án rárá. Kọ́nfláwà tó bá rí omi á di ẹ̀kọ mọ́ irun bàtà lára.

Ti àkọ́kọ́ pọ́n, ó sì di kókó. Mo tún un ṣe. Èkejì jáde ní funfun, ó fúyẹ́. Ojú ibẹ̀ kò dúdú mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ bí ọsàn ṣì hàn. Kọ́nfláwà kò lè mú ìyẹn, epo tó ṣì ń ṣàn nìkan ló ń fà.

Ṣé kí n fi ìrésà funfun rọra pa á, àbí kí n fi sípíríìtì díẹ̀ sórí aṣọ? Sípíríìtì lè bó àwọ̀ bàtà fúnra rẹ̀, ìyẹn ló ń dá mi dúró. Ẹni tó ti lò ó lórí nùbọ́ọ̀kì tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?