Ínfọ́ìsì sọ CIF, Fọ́ọ̀mù M sọ nǹkan mìíràn: kí ni kí n ní kí ẹni tó tà á fún mi kọ?

Ìyá Oníṣọ̀nà, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ra ẹ̀rọ mónógíràmù láti Ningbo ní Ṣáínà, ó kún kọntéínà ẹlẹ́sẹ̀ ogún kan, Àpápá ló ń bọ̀. Ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ tí ẹni tó tà á fún mi kọ ni mo gbé lọ sí báńkì láti fi ṣí Fọ́ọ̀mù M tí wọ́n fi ń kó ọjà wọ Nàìjíríà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé 24,000 dọ́là ni owó ẹrù títí tó fi wọnú ọkọ̀ ní Ningbo, 3,000 dọ́là sì ni owó ọkọ̀.

Ọkọ̀ ti gbéra báyìí. Ínfọ́ìsì ìkẹyìn tó fi ránṣẹ́ kò pín nǹkan kan mọ́, "CIF APAPA USD 27,000" nìkan ló wà níbẹ̀. Báńkì ní àwọn ò lè fi irú èyí béèrè PAAR, ìwé tó ń sọ iye owó bodè, lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun lè kọ òmíràn tó máa jẹ́ 12,000 kí owó bodè lè wálẹ̀, pé bí àwọn oníbàárà òun yòókù ní Nàìjíríà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ara mi ò gbà á. Kí ni kí n ní kó kọ? Orí èló gan-an ni wọ́n ti ń ṣírò owó bodè?

Dáódù

Ẹ má gba ti 12,000 o, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó yọ 3,000 yẹn kúrò. Owó tí èèyàn fi ra ọjà ni wọ́n ń gba owó bodè lé lórí, owó ọkọ̀ ò kàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ń kó bàtà wọ Améríkà, 24,000 bíi tiyín yìí ni wọ́n máa wò níbẹ̀.

Ajẹ́ńtì Tìn-Káàn

Dáódù, òótọ́ lo sọ nípa Améríkà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kọ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, owó ẹrù, owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò ni wọ́n ń rò pọ̀ kí wọ́n tó gba owó bodè lórí ẹ̀. Bí ìyá bá yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú ínfọ́ìsì, kọ́sítọ́ọ̀mù á fi tiwọn sí i, iye tí wọ́n bá sì fi sí i lè ju 3,000 lọ.

Ìyá, ẹ kú ìnáwó. Wàhálà tó wà nínú "CIF 27,000" tí kò pín rèé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 120 dọ́là lẹ san fún adójútòfò níbí. Tí wọ́n bá kà á bó ṣe yẹ, 24,000 àti 3,000 àti 120 á jẹ́ 27,120. Tí ẹni tó ń wo ìwé bá wá gbà pé 27,000 yẹn ni owó ẹrù nìkan, á tún fi 3,000 owó ọkọ̀ tó wà lórí Fọ́ọ̀mù M lé e, ó di 30,120. Ká fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣe àpẹẹrẹ owó bodè: 2,712 di 3,012. 300 dọ́là ti lọ lórí owó ọkọ̀ tí ẹ ti san tẹ́lẹ̀, VAT á sì tún gun orí ẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ CIF fúnra ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó tajà ló san owó adójútòfò. Òfin tiwa fẹ́ kó jẹ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ló máa dójú òfò ẹrù tó ń wọlé, ìwé adójútòfò yẹn lẹ sì fi ṣí Fọ́ọ̀mù M. Nítorí náà CFR, ìyẹn owó ẹrù àti owó ọkọ̀ láìsí adójútòfò, ló yẹ kó kọ. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà yìí:

```
TERMS: CFR APAPA, LAGOS
FOB NINGBO    USD 24,000
FREIGHT       USD  3,000
TOTAL CFR     USD 27,000
```

Kó kọ ọ́ sórí CCVO, ìwé tó ń sọ iye ẹrù àti ibi tó ti wá, kó fọwọ́ sí i, kó sì tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀.

Bàbá Tokunbọ̀

Ínfọ́ìsì wo lẹ̀ ń sọ? Ọdún tó kọjá ni mo kó mọ́tò wọlé, wọn ò tiẹ̀ wo ínfọ́ìsì mi. Nọ́ńbà ara mọ́tò ni wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, iye kan sì jáde. Ìyá, ẹ jẹ́ kó kọ 12,000 yẹn. Iye tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n á gbà.

Ajẹ́ńtì Tìn-Káàn

Bàbá, ọ̀tọ̀ lètò mọ́tò, láti 2022 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà yẹn ṣírò ẹ̀. Ti ẹ̀rọ, iye tí èèyàn rà á gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ máa wò, tí ìwé bá ti bára mu. Tí kò bá bára mu ni wọ́n á pa ínfọ́ìsì tì, tí wọ́n á wá iye mìíràn lò.

Ìyá, 12,000 ò lè bára mu. Fọ́ọ̀mù M yín wà níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà, 24,000 ló wà lórí ẹ̀. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì náà ní ìwé. Irọ́ lórí ìwé sì lè mú kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Tí nǹkan bá tún ṣe kọntéínà yẹn lórí omi, ínfọ́ìsì yìí náà ni adójútòfò máa béèrè.

Ẹ bá mi wo bíìlì ọkọ̀ yín. Ṣé "FREIGHT PREPAID" ló wà níbẹ̀ àbí "FREIGHT COLLECT"?

Ìyá Oníṣọ̀nà

Ẹ ṣeun gan-an, sà. "FREIGHT PREPAID" ni. Ó ti gbà láti kọ CFR, ṣùgbọ́n ó ní 3,400 ni òun san fún ọkọ̀ nígbẹ̀yìn, pé iye yẹn ló yẹ kóun kọ. Ó tún fi páálí abẹ́rẹ́ àti òwú mẹ́fà ta mí lọ́rẹ. Wọ́n wà nínú páàkìn lísìtì, wọn ò sí nínú ínfọ́ìsì.

Ajẹ́ńtì Tìn-Káàn

PREPAID dáa, ó bá CFR mu, torí ẹni tó tajà ló san owó ọkọ̀. Ká ní COLLECT ni, ẹ̀yin ni wọ́n máa gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Àpápá, wọ́n á sì bi yín pé owó ọkọ̀ wo ló wà nínú 27,000.

Ti páálí mẹ́fà yẹn, kó kọ wọ́n sínú ínfọ́ìsì, kó sì fi iye tó ń tà wọ́n sí i, kó wá ṣàlàyé lábẹ́ ẹ̀ pé òun ò gbowó wọn. Tí wọ́n bá ṣí kọntéínà, tí wọ́n bá ohun tí kò sí lórí ínfọ́ìsì níbẹ̀, wọn ò ní gbà pé ọrẹ ni.

Ti 3,400, tó bá jẹ́ iye tó san lóòótọ́ nìyẹn, kó kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì ní kí báńkì tún Fọ́ọ̀mù M ṣe kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́.

Àdùkẹ́ Aláṣọ

Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Nígbà tí mo ní kí báńkì tún tèmi ṣe, ẹrù mi dé kí wọ́n tó parí, mo sì san dẹ́mọ́réèjì fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti owó ìpamọ́ ẹrù fún tẹ́mínà. Ohun tí mo san ju owó bodè tí 400 dọ́là lè mú wá lọ. Ẹ ní kí ọkùnrin náà kọ 3,000 tó ti bá yín dá tẹ́lẹ̀, kó fara mọ́ ìyókù. Iye tẹ́ ẹ jọ dúnàádúrà lé lórí kúkú nìyẹn.

Ajẹ́ńtì Tìn-Káàn

Tó bá jẹ́ 27,000 nìkan ni ìyá san fún un, tí kò sì ní gba 400 yẹn lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyá, èló gan-an lẹ ti fi ránṣẹ́, ṣé ó sì ti béèrè àfikún?

Ìyá Oníṣọ̀nà

27,000 ni mo fi ránṣẹ́. Kò tíì béèrè, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ò ní béèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí i kó dá mi lóhùn lórí ìwé, kí n tó padà sí báńkì láàárọ̀ ọ̀la.